Ta ló ń dá búrẹ́dì dúró? Yíya egungun ẹja láti wá ìdí tí ọjà fi ń pẹ́ dé

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé búrẹ́dì kékeré ni mo ní ní Adó-Èkìtì, lọ́nà Báṣírí. À ń gbé búrẹ́dì lọ sí Ìyìn, Ìgèdè àti Ìkẹ́rẹ́. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù fẹ́ kó ti dé kí aago 6:30 àárọ̀ tó lù, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í pẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo ti lé dírẹ́bà méjì, nǹkan kan náà ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ya egungun ẹja, pé yóò fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn mí. Báwo ni mo ṣe máa yà á, kí ni mo sì máa fi ṣe?"

Ẹ kú làálàá, ìyá oníbúrẹ́dì. Kí ẹ tó mú bíró, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì lé dírẹ́bà kẹta. Dírẹ́bà ni búrẹ́dì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn, òun nìkan sì ni oníbàárà ń rí sójú. Gbogbo ìṣẹ́jú tó ti ṣòfò láti alẹ́ àná, orí rẹ̀ ni yóò já lé. Bó bá jẹ́ pé aago mẹ́fà ni ẹ gbé ẹrù lé e lọ́wọ́, bó ti wù kó sáré tó, yóò ṣòro fún un láti já ẹrù ní Ìyìn, kó sì tún dé Ìgèdè ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Dírẹ́bà méjì ti lọ, wàhálà ò bá wọn lọ. Ìyẹn nìkan ti ń sọ fún yín pé ó yẹ ká wo ibòmíràn.

Àwòrán tí wọ́n sọ fún yín yìí kò le yà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jàpáàn kan, Kaoru Ishikawa, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Tókíò, ló jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ ti lò ó, àmọ́ kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ tí ilé búrẹ́dì ẹni márùn-ún ò lè lò. Ẹ fa ìlà gbọọrọ kan láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ọ̀pá ẹ̀yìn ẹja nìyẹn. Níbi tí ìlà náà parí sí lápá ọ̀tún, ẹ ya àpótí kan. Orí ẹja nìyẹn, inú rẹ̀ la sì ń kọ wàhálà tí a fẹ́ tú sí. Lẹ́yìn náà, ẹ fa egungun ńlá mẹ́ta sókè, mẹ́ta sísàlẹ̀, kí gbogbo wọn dà gẹ́rẹ́ wá sára ọ̀pá ẹ̀yìn. Lára egungun ńlá kọ̀ọ̀kan ni egungun wẹ́wẹ́ yóò ti máa yọ. Ẹni tó bá ti jẹ ẹja sáwá rí ti mọ bí yóò ṣe rí.

Kí ó má di àlàyé lásán, màá fi ilé búrẹ́dì kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Adó ni wọ́n ń gbé búrẹ́dì tiwọn wá, láti ọjọ́ Ajé títí dé Sátidé. Ajílosùn ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́kọ́ ń já ẹrù sí wà, wọ́n sì ti ṣèlérí fún ibẹ̀ pé aago mẹ́fà ò ní kọjá. Ẹ̀sùn tí ìyá tó ni ilé búrẹ́dì náà fi pè mí kò yàtọ̀ sí tiyín: dírẹ́bà ń fi ọ̀lẹ ba òun lórúkọ jẹ́.

Orí ẹja ni mo fẹ́ ká dúró lé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà kí wọ́n tó fa egungun kankan. Ohun tí ìyá yẹn kọ́kọ́ fẹ́ kọ síbẹ̀ ni "dírẹ́bà ń pẹ́." Mo ní kí ó pa á rẹ́. Tí ẹ bá ti kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí sórí ẹja, ẹ ti dájọ́ kí ẹ tó gbọ́ ẹjọ́, gbogbo egungun tí ẹ bá sì fà, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni yóò máa tọ́ka sí. Ó wá kọ "búrẹ́dì ń pẹ́ dé." Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Lọ́kàn ẹni tó ń wo ààrò, pípẹ́ ni kí búrẹ́dì jáde ní aago mẹ́rin. Lọ́kàn dírẹ́bà, pípẹ́ ni kí òun dé ṣọ́ọ̀bù tó gbẹ̀yìn ní aago mẹ́jọ. Wọ́n á jọ máa jiyàn lórí nǹkan méjì láìmọ̀. Ohun tó wá dúró lórí ẹja wọn nìyí: "Mọ́tò ń dé ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ajílosùn lẹ́yìn aago 6, bíi ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀." Ibì kan, aago kan, iye kan. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn lè sọ fún yín bóyá wọ́n pẹ́ lónìí tàbí wọn ò pẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi la jókòó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí iṣẹ́ alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. A fi kádíbọ́ọ̀dù ńlá kan mọ́ ògiri. Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun wà níbẹ̀, ẹni tó ń wo ààrò wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń gé búrẹ́dì tí wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá náà wà níbẹ̀, dírẹ́bà pẹ̀lú. Ẹ má ṣe yà á lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní aago mẹ́ta òru bí àwọn tó wà nídìí ààrò ṣe mọ̀ ọ́n. Kí ọ̀gá má sì jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, nítorí ní ilẹ̀ wa, tí ìyá bá ti sọ pé báyìí ló rí, ọmọ wo ni yóò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀? Mo ní kí ìyá jókòó sẹ́yìn, kí ọmọ tó kéré jù láàárín àwọn tó ń di búrẹ́dì di bíró mú. Òfin kan ṣoṣo la fi lélẹ̀: a ò ní kọ orúkọ ènìyàn sí egungun kankan. Ẹni tí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ti di olùjẹ́jọ́ nìyẹn, àwíjàre ni yóò sì máa wí títí tí ìjókòó yóò fi tú.

Egungun ńlá mẹ́fà tí ilé iṣẹ́ sábà máa ń lò ni ènìyàn, ẹ̀rọ, ọ̀nà tí a ń gbà ṣiṣẹ́, èròjà, òǹkà, àti àyíká. Wọn kì í ṣe òfin. Wọ́n kàn wà kí ọkàn wa má baà dúró sójú kan ni. Ní Ìkẹ́rẹ́, lábẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n kọ pé iná ń lọ lóru, pé jẹnẹrétọ̀ máa ń kọ̀ kó tó dìde, pé abẹ ẹ̀rọ tó ń gé búrẹ́dì ti kú. Lábẹ́ èròjà, wọ́n ní ọ̀rá máa ń tán lójijì. Lábẹ́ àyíká, wọ́n ní ọyẹ́ kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun tètè wú, òótọ́ sì ni, nítorí yíìsì fẹ́ràn ooru, òtútù máa ń dá a dúró. Wọ́n tún kọ òjò àti ọ̀nà tí kò dára. Lábẹ́ ènìyàn, wọ́n ní àwọn tó ń di búrẹ́dì kò pọ̀ tó. Gbogbo èyí jáde láàárín ogún ìṣẹ́jú. Egungun òǹkà wà ní òfìfo. Ẹ fọkàn sí i, nítorí ibẹ̀ la máa padà sí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n á dúró síbí yìí, wọ́n á wo àwòrán tó kún dẹ́dẹ́, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Àwọn nǹkan tí wọ́n kọ yẹn, ojú wọn nìkan la rí, a ò tíì rí gbòǹgbò wọn. A ní láti mú egungun wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí a bi í pé "kí ló fà á?", kí ìdáhùn di egungun tó tún kéré sí i, kí a tún bi ìyẹn náà. Ìtàn bó ṣe lọ nìyí, bí mo ṣe rántí rẹ̀.

Mo bi dírẹ́bà pé, ní ọjọ́ tí o bá pẹ́ dé Ajílosùn, aago mélòó lo kúrò ní Ìkẹ́rẹ́? Ó ní bíi aago mẹ́fà. Ó sì yẹ kí ó ti kúrò ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí ló fà á? Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di búrẹ́dì dáhùn pé búrẹ́dì ò tíì tutù. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé búrẹ́dì gbígbóná kì í ṣeé gé, ó máa ń wó mọ́ abẹ ni. Tí a bá sì fi ipá dì í sínú ọ̀rá, oru rẹ̀ á di omi nínú ọ̀rá, yóò sì tètè bu. Ní tiwọn, bíi wákàtí méjì ni búrẹ́dì fi ń tutù lórí àtẹ. Nítorí náà, kí ló fà á tí kò fi tíì tutù? Ẹni tó ń wo ààrò ní aago mẹ́rin kù díẹ̀ ló jáde, nígbà tó yẹ kó ti jáde ní aago mẹ́ta. Kí ló fà á? Ó pẹ́ kó tó wọlé, nítorí a ní láti dúró kí ó wú. Kí ló fà á? Ẹni tó ń po ìyẹ̀fun wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Aago mẹ́wàá kọjá la tó bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó."

Mo tún bi í pé kí ló fà á. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ìyá tó wà lẹ́yìn ló wá fọhùn: "Èmi ni mo máa ń ní kí wọ́n dúró. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kì í pè mí sọ iye tí wọ́n fẹ́ títí aago mẹ́sàn-án á fi kọjá." Mo ní, kí ló dé tí ẹ fi ń dúró dè wọ́n? Ó ní, "Ọdún tó kọjá, mo ń po iye tó bá wù mí. Wọ́n á dá búrẹ́dì padà fún mi, yóò gbó sí mi lọ́wọ́." Báwo lẹ ṣe mọ iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń tà? Kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó mú bíró yẹn ò dúró kí n sọ nǹkan kan, ó ti rìn lọ sídìí egungun òǹkà tó wà ní òfìfo, ó kọ ọ́ síbẹ̀: "A ò mọ iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń tà lójoojúmọ́."

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti gbéra, kí ẹ wo ibi tó dé. Láti ọ̀dọ̀ dírẹ́bà la ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìwé tí kò sí la parí sí. Ká ní a dúró níbi "búrẹ́dì ò tíì tutù," fáànù ńlá ni wọn ì bá lọ rà. Ká ní a dúró níbi "ó pẹ́ kó tó wú," wọn ì bá fi kún yíìsì, adùn búrẹ́dì á sì yí padà. A ò gbọ́dọ̀ fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ibo la ti máa ń dúró tí a bá ń bèèrè "kí ló fà á?" Ẹ dúró nígbà tí ẹ bá dé orí nǹkan tí ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín lè yí padà. Bí ẹ bá bi iná tó ń lọ pé kí ló fà á, ẹ ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba láìpẹ́, kò sì sí ohun tí ilé búrẹ́dì lè ṣe síyẹn. Ẹ padà sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan: nígbà tí iná bá lọ, kí ló fà á tí iṣẹ́ wa fi dúró? Ìyẹn ni ọwọ́ yín tó. Ẹ ṣọ́ra fún ìdáhùn "kò sí owó" pẹ̀lú. Gbogbo egungun ló lè parí sí owó, tó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo wọn parí sí, àwòrán náà ò sọ nǹkan kan fún yín. Bákan náà ni "a ò ní mọ́tò kejì." Ìyẹn kì í ṣe ìdí, oògùn tí ẹnì kan ti ní lọ́kàn ni. Ẹ bi í pé kí ni àìsí mọ́tò kejì ń dá dúró, àti ní ọjọ́ wo.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí: gbogbo ohun tó wà lára egungun ẹja, ìfura ni. Bó ti wù kí ìtàn ẹni tó ń po ìyẹ̀fun yẹn dùn tó létí, ẹnu la fi sọ ọ́. Àwòrán kì í fi ẹni tó jẹ̀bi hàn. Àwọn tó yẹ ká ṣọ́ ló ń fi hàn. A wá mú ìfura mẹ́rin tó lágbára jù, a fi àmì sí wọn, a sì ra ìwé kékeré kan. Ìlà mẹ́fà la fà sí ojú ewé rẹ̀: aago tí ìpè ìkẹyìn láti ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù wọlé, aago tí pípo ìyẹ̀fun bẹ̀rẹ̀, aago tí búrẹ́dì jáde nínú ààrò, aago tí mọ́tò kúrò, aago tó dé Ajílosùn, àti bóyá iná lọ lóru tàbí kò lọ. A fi okùn so bíró mọ́ ìwé náà, a gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ni yóò kọ ọ́, lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ní kí ẹnì kan máa kọ ọ́ láàárọ̀ láti inú orí, aago tó yẹ kó jẹ́ ni yóò máa kọ, kì í ṣe aago tó jẹ́. Aago fóònù ni kí gbogbo yín lò, nítorí ti ara ògiri ibi iṣẹ́ wọn fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá yára. Dírẹ́bà ní tirẹ̀, yóò kàn fi fóònù tẹ "mo ti dé" ránṣẹ́ bó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, aago á sì wà lára ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi kọ ọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 24. Wọ́n pẹ́ ní ọjọ́ 13. Ní ọjọ́ 3 nínú wọn, mọ́tò kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ lásìkò, ojú ọ̀nà ló ti pẹ́. Ní ọjọ́ 10 tó kù, mọ́tò ò tíì gbéra tí àkókò ti kọjá. Ìwé yẹn nìkan ti dá dírẹ́bà láre. Nínú ọjọ́ 10 yẹn, 2 jẹ́ ti ọ̀rá tó tán àti dídì tó falẹ̀, búrẹ́dì ti tutù ó ń dúró de èèyàn. 2 jẹ́ ti ìyẹ̀fun tí wọ́n pò lásìkò ṣùgbọ́n tí kò tètè wú. 6 tó kù jẹ́ ti pípò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ pẹ́ nìkan ṣèdájọ́. Ọjọ́ 11 tí wọn ò pẹ́ náà lọ́rọ̀ ń sọ. Gbogbo ilé ló gbà pé iná ni olórí ọ̀tá. A ka ìwé: iná lọ lóru ọjọ́ 10, wọ́n pẹ́ ní 5 nínú rẹ̀. Iná ò lọ ní ọjọ́ 14, wọ́n pẹ́ ní 8 nínú rẹ̀. Iná wà o, iná ò sí o, wọ́n ń pẹ́ ní bíi ìdajì àwọn ọjọ́ náà. Bí ìfura kan bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí kò ṣẹlẹ̀. Iná ń jẹ owó wọn lórí epo jẹnẹrétọ̀, ìyẹn dájú, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń dá mọ́tò dúró. A fa ìlà lé egungun yẹn. Lẹ́yìn náà a ka ti ìpè alẹ́. Ọjọ́ 7 ni ìpè ìkẹyìn wọlé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, wọ́n sì pẹ́ ní 6 nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 tó kù, 7 péré ni wọ́n pẹ́. Níbí, ìyàtọ̀ hàn gbangba. Ọjọ́ 24 ò pọ̀ débi tí a ó fi búra, ṣùgbọ́n nígbà tí ìtàn tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ àti iye tó wà nínú ìwé bá ń tọ́ka síbì kan náà, ó tó ohun tí èèyàn lè dán wò.

Ohun tí a dán wò kò gba owó. Ìyá lọ wo inú fóònù rẹ̀, ó kọ iye tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀, ọjọ́ Ajé lọ́tọ̀, Ìṣẹ́gun lọ́tọ̀, títí dé Sátidé. Fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ó mú iye tó kéré jù tí ṣọ́ọ̀bù náà tíì gbà rí. Iye yẹn ni wọ́n á máa pò ní aago mẹ́jọ alẹ́, yálà ẹnikẹ́ni pè tàbí kò pè, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ kankan tí wọn ò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìpè bá fi kún un, wọ́n á pò ó lẹ́ẹ̀kejì. Báyìí, ẹ̀rù búrẹ́dì tí wọ́n ń dá padà kò ní bà á mọ́ láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ṣì ń pẹ́. Inú ìyá bàjẹ́, ó fẹ́ padà sí bó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. A ṣí ìwé. Búrẹ́dì tí wọ́n kọ́kọ́ pò ti jáde kí aago mẹ́ta tó lù, wọ́n ti gé e, wọ́n ti dì í, ó wà lórí tábìlì láti aago márùn-ún. Mọ́tò ló ń dúró de èyí tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀kejì kí ó lè kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tó ní kí ó dúró. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A wá fi lélẹ̀ pé aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mọ́tò ń kúrò pẹ̀lú ohun tó bá wà nílẹ̀, kí èyí tí wọ́n pò lẹ́ẹ̀kejì, tí kì í pọ̀, wọ mọ́tò èrò lọ bá àwọn tó pè pẹ́. A tún sọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé ẹni tó bá pè lẹ́yìn aago mẹ́jọ, àfikún rẹ̀ yóò dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, àwọn méjì nínú wọn ti ń pè ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 12 yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pẹ́, òjò ló sì fa méjèèjì lójú ọ̀nà.

Tiyín lè má rí báyìí rárá. Ó lè jẹ́ ọ̀rá, ó lè jẹ́ ààrò tó kéré ju iye búrẹ́dì lọ, ó sì lè jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò tíì ronú kàn. Àbùkù àwòrán yìí nìyẹn: ohun tí àwọn tó jókòó mọ̀ nìkan ló lè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìwé máa kọ aago gbogbo ìpele, kódà ìpele tí ẹnì kankan ò fura sí. Tí ẹ bá rí i pé ìṣẹ́jú ń sọnù láàárín ìpele méjì tí kò ní egungun kankan lórí àwòrán, ẹ pe wọn jọ, kí ẹ fa egungun tuntun síbẹ̀.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tí mo rí kí n tó kà á tán. Ìyìn àti Ìgèdè wà lójú ọ̀nà kan láti Báṣírí. Ìkẹ́rẹ́ wà lódìkejì, ẹ ní láti la inú Adó já kí ẹ tó gba Ajílosùn lọ síbẹ̀. Ẹ ò sọ iye mọ́tò tí ẹ ní. Bó bá jẹ́ mọ́tò kan ló ń lọ sí Ìgèdè tó ń padà wá, tó sì tún ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ẹ má kọ gbogbo rẹ̀ sórí ẹja kan. Ẹ ya ẹja méjì: ọ̀kan tí orí rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ìyìn, èkejì tí orí rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Kí ẹ tó jókòó rárá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ aago tí mọ́tò kúrò nílé àti aago tó dé ibi méjèèjì. Tó bá jẹ́ pé kò sí ìgbà tí ẹ pẹ́ dé Ìyìn, Ìkẹ́rẹ́ nìkan ni ẹ ń pẹ́ dé, a jẹ́ pé ààrò yín ò ní ẹ̀bi. Aago 6:30 tí ẹ ṣèlérí fún ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, bóyá nípa bíbẹ àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ kí wọ́n gbà á ní aago méje, tàbí nípa wíwá ọlọ́kadà tó ní àpótí ẹ̀yìn fún ẹ̀gbẹ́ tí búrẹ́dì rẹ̀ kéré jù. Ẹ kọ ọ̀sẹ̀ kan yẹn, kí ẹ fi iye tó bá jáde ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ wo orí ẹja tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yà.